Títẹ̀ kan, pọ́lùsì kan: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin láti tún àmì súwíìṣì ṣe

Bí ẹ bá so bọ́tìnnì lásán mọ́ ẹ̀rọ òǹkà, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní yà yín lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ìgbà kejì pé òǹkà náà fò láti 0 bọ́ sórí 4, tàbí sórí 7, tàbí sórí òǹkà mìíràn tí ẹ kò retí. Òǹkà náà kò ṣìṣe rárá. Irin méjì tó wà nínú súwíìṣì ni kì í fara kan ara wọn kí wọ́n sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: wọ́n máa ń ta bíi bọ́ọ̀lù tó kanlẹ̀, wọ́n á kan ara wọn, wọ́n á ṣí, wọ́n á tún kan, títí wọ́n á fi fara balẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ súwíìṣì, gbígbọ̀n yìí máa ń gbà tó mìlísẹ́kọ́ǹdù 1 sí 10, èyí tó bá sì ti gbó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú èèyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n ṣíìpù 74HC tó ń dáhùn láàárín nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdù 10 máa ń rí gbogbo rẹ̀, á sì kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mú gbígbọ̀n náà kúrò, kí àmì gbéra lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, kó sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ìka bá kúrò. Iṣẹ́ kejì ni láti sọ àmì mímọ́ yìí di pọ́lùsì, ìyẹn ni pé kó lọ sókè fún ìwọ̀n àkókò kan tí a yàn, kó sì padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìka ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Láàṣì SR, ìyẹn sẹ́kíìtì kékeré tó ń rántí bóyá 0 tàbí 1 la fi í sí, dára púpọ̀ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, kò sì lè ṣe ìkejì rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á ra ṣíìpù tó tọ́, á so ó bó ṣe yẹ, á sì máa bá a jà ní gbogbo ọjọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni súwíìṣì tó wà lọ́wọ́ yín, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ COM, NO àti NC sí lára, àbí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lásán? Ṣé ìgbéra àmì ni sẹ́kíìtì tó ń gba àmì náà ń wò, àbí ó kàn ń wò ó bóyá àmì náà wà lókè? Èyí tó kẹ́yìn ni pé, ṣé sẹ́kíìtì náà ní aago tirẹ̀ tó ń darí gbogbo rẹ̀, àbí kò ní? Ìdáhùn wọ̀nyí ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ ju iye tí ẹ fẹ́ ná lọ, torí pé ọ̀nà tó gba èròjà jù lọ nínú èyí tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ kò ju ṣíìpù mẹ́ta lọ.

Ohun tí láàṣì ń ṣe gan-an

Ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló dúró lórí láàṣì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní. Géètì NAND méjì la fi ń ṣe é, tí àbájáde ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọlé sínú èkejì; àbájáde géètì NAND máa ń wà ní 0 kìkì nígbà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá wà ní 1. Ẹ so ẹsẹ̀ COM súwíìṣì mọ́ gíráǹdì. Ẹ so NO mọ́ ẹnu géètì kìíní, kí ẹ so NC mọ́ ẹnu géètì kejì, kí ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹnu méjèèjì yìí lọ sókè sí fóólítì 5. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ bọ́tìnnì, NC wà ní gíráǹdì, láàṣì sì wà ní 0.

Nígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ewé irin inú súwíìṣì á kọ́kọ́ kúrò lára NC. Bó bá tiẹ̀ gbọ̀n bó ṣe ń kúrò, tó tún fara kan NC lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohun tó ń sọ fún láàṣì kò yí padà: ó ń ní kó wà ní 0, 0 náà ló sì wà. Lẹ́yìn náà ni ewé irin náà á wà lágbedeméjì, tí kò kan ibì kankan. Rẹsísítọ̀ méjèèjì á fa ẹnu méjèèjì lọ sókè, láàṣì á sì di ohun tó ń rántí mú. Bó bá wá kan NO fún ìgbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ fún máíkírósẹ́kọ́ǹdù kan péré, láàṣì á yí sí 1. Ewé irin á ta kúrò, á padà, á tún ta kúrò, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ta kúrò lára NO kò lọ jìnnà débi tí á fi padà kan NC. Àárín ló ń lọ, nígbà tó bá sì wà láàárín, ìrántí ni láàṣì ń ṣe. Ìdí nìyí tí gbígbọ̀n náà kò fi hàn níbi àbájáde rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sí ìwọ̀n àkókò kankan nínú àlàyé yìí. Yálà súwíìṣì gbọ̀n fún mìlísẹ́kọ́ǹdù 1 tàbí 50, bákan náà ni láàṣì ń ṣe, ó sì ń dáhùn nígbà tí irin bá kọ́kọ́ kanra, láìdúró de ohunkóhun. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú ìfiwéra yìí tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń kúrò lára ọ̀kan kó tó kan èkejì. Mo ti fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò rí lórí bọ́tìnnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń kì bọ inú pátákó ìdánwò, torí mo rí ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo sì rò pé ó ti tó. Méjì-méjì ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ti so pọ̀ látinú, nítorí náà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni bọ́tìnnì náà ní tòótọ́. Láàṣì mi yí sí 1 nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kò sì padà sí 0 mọ́ láé, nítorí kò sí ohun tó máa sọ fún un pé kó padà. Bí ẹ bá rí àmì àìsàn yìí lórí iṣẹ́ tiyín, ẹ má wulẹ̀ yẹ ṣíìpù wò.

Ọ̀nà kìíní: láàṣì nìkan

Bó bá jẹ́ pé ìgbéra àmì ni sẹ́kíìtì tó ń gbà á ń wò, iṣẹ́ ti parí. Ẹ so àbájáde láàṣì tààrà mọ́ ẹnu aago òǹkà 74HC161 tàbí CD4017, títẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì fi ẹyọ kan kún un. Ìdajì ṣíìpù 74HC00 kan àti rẹsísítọ̀ méjì ni gbogbo ohun tí ẹ ná. Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré fúnra rẹ̀, tó sì fẹ́ máa fi ìka ti aago rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kò nílò jù báyìí lọ, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kó má ṣe fi nǹkan kan kún un.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni ibi tí sẹ́kíìtì tó ń gbà á bá ní aago tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú òǹkà 74HC161 kan náà, tí aago rẹ̀ ń sáré ní 1 MHz, kí a wá so láàṣì mọ́ ẹnu tó ń gbà á láyè láti kà, kì í ṣe mọ́ ẹnu aago. Bí ìka bá wà lórí bọ́tìnnì fún mìlísẹ́kọ́ǹdù 150, òǹkà á ka 150,000. Òǹkà mẹ́rìndínlógún ló ń kà kó tó padà sí 0, nítorí náà á yí po nígbà 9,375 géérégé, á sì dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ẹ kò tẹ nǹkan kan. Bí ìka bá fi díẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkà mìíràn lẹ máa bá níbẹ̀. Gbogbo iná LED mẹ́rin tó ń fi òǹkà náà hàn á tàn fírí-fírí ní ìwọ̀n ìdajì ìmọ́lẹ̀ wọn fún ìgbà tí ìka fi wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bàìbàì yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gbígbọ̀n kọ́ ni ìṣòro mọ́, pọ́lùsì ni ẹ kò ní.

Ọ̀nà kejì: láàṣì pẹ̀lú kapásítọ̀ àti rẹsísítọ̀

Níbí, àbájáde láàṣì á gba inú kapásítọ̀ 10 nF kọjá sórí ojú wáyà kan tí rẹsísítọ̀ 10 kΩ ń fà sílẹ̀ sí gíráǹdì, ojú wáyà náà á sì wọ géètì Ṣímítì 74HC14, èyí tí ibi tó ti ń yí padà nígbà tí àmì ń gòkè ga ju ibi tó ti ń yí padà nígbà tí àmì ń wálẹ̀ lọ. Bí láàṣì bá gbéra, ojú wáyà náà á fò sókè sí fóólítì 5, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ga ju nǹkan bíi fóólítì 1.6 lọ, géètì Ṣímítì á kà á sí òkè. 10 nF lọ́nà 10 kΩ jẹ́ máíkírósẹ́kọ́ǹdù 100, pọ́lùsì tí ẹ máa rí á sì fi díẹ̀ gùn ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí pé 74HC14 ń yí àmì padà: pọ́lùsì náà á lọ sílẹ̀ dípò òkè, bí ẹ bá sì fẹ́ kó lọ sókè, ẹ tún gbà á kọjá nínú géètì kejì lára ṣíìpù kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwòrán sẹ́kíìtì kì í fi hàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìka bá kúrò. Láàṣì á já wálẹ̀, kapásítọ̀ á sì gbìyànjú láti ti ojú wáyà náà lọ sí fóólítì 5 nísàlẹ̀ gíráǹdì, èyí tí ẹnu 74HC14 kò yẹ kó rí. Ẹ fi dáyóòdù 1N4148 kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹsísítọ̀ náà, kí orí rẹ̀ tó ní ìlà kọjú sí ojú wáyà, kí ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 1 kΩ sáàárín ojú wáyà náà àti ẹnu géètì. Láìsí wọn, sẹ́kíìtì lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí ṣíìpù tó kú láìsí ìdí tí ẹ lè tọ́ka sí.

Ọ̀nà yìí bá ibi tí kò ti sí aago mu: láti tún nǹkan bẹ̀rẹ̀ láti 0, láti ta ṣíìpù mìíràn jí, láti sọ fún ohun ìpamọ́ kan pé kó gba ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígùn pọ́lùsì kì í dúró sójú kan, nítorí kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 10 nF sí lára lè fi ìdá mẹ́wàá tàbí ogún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ, ibi tí géètì Ṣímítì ti ń yí padà náà sì yàtọ̀ láti ṣíìpù kan sí òmíràn. Bí ẹ bá tún gbé e lọ fún òǹkà tó ń sáré ní 1 MHz, títẹ̀ kan á di nǹkan bíi 110. Ó sàn ju 150,000 lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọ̀nà kẹta: láàṣì pẹ̀lú fílípì-fílọ́ọ̀pù méjì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún sẹ́kíìtì tó bá ní aago, ó sì dùn mọ́ mi pé géètì méjì tó ṣẹ́ kù nínú 74HC00 rí iṣẹ́ ṣe. Ṣíìpù kejì ni 74HC74, tó ní fílípì-fílọ́ọ̀pù D méjì nínú; ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń gba ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí aago bá lù, á sì dì í mú títí ìlù tó tẹ̀ lé e. Bí wáyà ṣe lọ nìyí; ẹsẹ̀ ṣíìpù ni àwọn nọ́ńbà náà, Q ni àbájáde láàṣì, CLK ni aago, àmì ' sì túmọ̀ sí òdìkejì:

```
74HC00   1 <- NO     2 <- 6      3 = Q
74HC00   5 <- NC     4 <- 3      6 = Q'
74HC74   2 <- Q      5 = Q1
74HC74  12 <- Q1     8 = Q2'
74HC74   3, 11 <- CLK
74HC74   1, 4, 10, 13 -> +5V
74HC00   9 <- Q1    10 <- Q2'    8 -> 12, 13
74HC00  11 = PULSE
```

Ẹsẹ̀ 7 jẹ́ gíráǹdì, ẹsẹ̀ 14 jẹ́ fóólítì 5 lórí ṣíìpù méjèèjì. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ 1, 4, 10 àti 13 ti 74HC74. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ láìso, pọ́lùsì á máa wá nígbà tí ọwọ́ yín bá kàn súnmọ́ pátákó náà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé títẹ̀ kan ṣoṣo. Ká ní láàṣì gbéra láàárín ìlù aago karùn-ún àti ìkẹfà. Ní ìlù kẹfà, fílípì-fílọ́ọ̀pù kìíní rí i, Q1 lọ sókè. Èkejì kò tíì mọ nǹkan kan, nítorí náà Q2' ṣì wà lókè. Àwọn méjèèjì wà lókè pọ̀, pọ́lùsì bẹ̀rẹ̀. Ní ìlù keje, òǹkà rí pọ́lùsì, ó fi ẹyọ kan kún un. Ní ìlù keje kan náà, èkejì gba ohun tí ìkíní mọ̀, Q2' já wálẹ̀, pọ́lùsì parí. Láti ìlù kẹjọ lọ, ìka lè wà níbẹ̀ di ọ̀la, kò sí ohun tó máa yí padà. Nígbà tí ìka bá kúrò, Q1 ló máa kọ́kọ́ wálẹ̀ kí Q2' tó gòkè, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í wà lókè pọ̀, pọ́lùsì kejì kò sì lè wáyé. Ìlù aago kan géérégé ni pọ́lùsì náà gùn nígbà gbogbo, láìgbára lé kapásítọ̀ kankan.

Ibi méjì ló ti ní ààlà. Bí aago bá lọ́ra ju ìka lọ, bí àpẹẹrẹ 1 Hz, a lè tẹ bọ́tìnnì ká sì ti yọwọ́ kí ìlù tó ń bọ̀ tó dé, títẹ̀ náà á sì sọnù. Èkejì ni pé ìka kò mọ aago rárá, nítorí náà láàṣì lè gbéra lákòókò kan náà gan-an tí ìlù aago ń lù, kí fílípì-fílọ́ọ̀pù kìíní má sì tètè mọ ibi tó máa yà sí. Ní 1 MHz, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí aago yín bá ń sáré gan-an, tàbí tí pọ́lùsì kan tó bá ṣì rìn á bà yín nínú jẹ́, ẹ fi 74HC175 rọ́pò 74HC74. Mẹ́rin ló ní nínú: ẹ lo mẹ́ta, kí ẹ sì mú pọ́lùsì láti ara Q2 àti Q3'. Ṣíìpù méjì náà ló ṣì jẹ́.

Ọ̀nà kẹrin: bí súwíìṣì bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì

Láàṣì kò wúlò níbí, àkókò ni ẹ gbọ́dọ̀ gbára lé. Rẹsísítọ̀ 10 kΩ á fa ojú wáyà lọ sókè, kapásítọ̀ 1 µF á wà láàárín rẹ̀ àti gíráǹdì, bọ́tìnnì á sì tú kapásítọ̀ náà sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹsísítọ̀ 1 kΩ. Gbogbo rẹ̀ á wọ géètì 74HC14. Kapásítọ̀ náà nílò nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 7 kó tó tún gòkè dé ibi tí géètì ti ń yí padà, nítorí náà bí irin bá ta kúrò fún àkókò tó kéré sí ìyẹn, géètì kò ní mọ̀. Súwíìṣì tó ti gbó lè kọjá ààlà yìí, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n nípa pé òǹkà tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 74HC14, ẹ lè fi fílípì-fílọ́ọ̀pù méjì àti géètì méjì tó ń mú pọ́lùsì jáde ní ọ̀nà kẹta tẹ̀ lé e bó ṣe rí.

Àwọn kan á ní kí ẹ so bọ́tìnnì tààrà mọ́ ṣíìpù 555, pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣe pọ́lùsì. Òótọ́ ni, bí ìka bá kúrò kí àkókò 555 tó pé. Pẹ̀lú 100 kΩ àti 1 µF, àkókò náà jẹ́ nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 110. Bí ìka bá wà níbẹ̀ fún 200, àbájáde 555 á dúró lókè títí ìka fi máa kúrò, gbígbọ̀n tó bá wáyé nígbà tí ìka ń kúrò á sì ta á jí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ti gba pọ́lùsì méjì fún títẹ̀ kan. Èmi kì í lò ó fún iṣẹ́ yìí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ní súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí sẹ́kíìtì rẹ̀ sì ń wo ìgbéra àmì, kó mú láàṣì nìkan. Ẹni tí sẹ́kíìtì rẹ̀ kò ní aago, ṣùgbọ́n tó nílò pọ́lùsì kúkúrú tí gígùn rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, kó mú ọ̀nà kejì, kó má sì fi dáyóòdù sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní aago, kó mú ọ̀nà kẹta láìjanpata, àfi bí aago rẹ̀ bá lọ́ra ju ìka lọ. Ẹni tó ní bọ́tìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tàbí méjì, kó mú ọ̀nà kẹrin. Ẹni tó ní ogún irú wọn, kó gbé e fún maikirokọntirólà, kó sì fi ètò kà wọ́n.

Èyí tó wù kí ẹ mú, bí ẹ ṣe máa dán an wò rọrùn: ẹ so ó mọ́ 74HC161 pẹ̀lú iná LED mẹ́rin, ẹ dá a padà sí 0, ẹ tẹ bọ́tìnnì nígbà mẹ́rìndínlógún, kí ẹ pẹ́ lórí àwọn kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan àwọn yòókù fẹ́rẹ́. Bí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá kú pátápátá ní ìgbà kẹrìndínlógún, ẹ ka iye tí iná tó ṣẹ́ kù ń fi hàn: bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ẹ yẹ súwíìṣì wò; bó bá jẹ́ 15, títẹ̀ kan ti sọnù, aago ni kí ẹ yẹ̀ wò.